Síláìdì tí ọ̀rọ̀ kún jù: ká gé e ni, ká pín in, ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àbí ká fi àwòrán hàn án?

Nígbà tí wọ́n bá gbé karosẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn síláìdì tó tò tẹ̀ léra tí èèyàn ń fà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí Instagram, fún ẹnì kan pé kó bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, ohun tí ẹni náà sábà máa ń kọ padà kì í ju "ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù" lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Yóò lọ dín ìwọ̀n lẹ́tà kù, tàbí kó máa yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tó bá ti rọrùn láti yọ, yóò sì dá a padà, síláìdì á ṣì kún síbẹ̀. Ìdí ni pé kì í ṣe ohun kan náà ló ń mú kí síláìdì kún. Òmíràn kún torí pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Òmíràn kún torí pé kókó méjì ń bá ara wọn du àyè. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àlàyé tó kan ìwọ̀nba èèyàn ló gba gbogbo ojú rẹ̀. Ohun tó mú un kún ni yóò sọ irú àtúnṣe tó yẹ ẹ́.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà, mo sì tò wọ́n síbí kí ẹ lè fi wọ́n wéra:

| Ohun tó mú síláìdì kún | Ohun tó yẹ ẹ ṣe | Ibi tó ti lè bàjẹ́ |
|---|---|---|
| A sọ ọ̀rọ̀ kan náà lónírúurú ọ̀nà | Ẹ gé e | Ẹ lè gé "àyàfi" tàbí "kódà" dànù mọ́ ọn |
| Kókó méjì wà nínú àwòrán kan | Ẹ pín in sí méjì | Òǹkàwé lè kúrò kó tó dé ìkejì |
| Àlàyé tí ìwọ̀nba èèyàn nìkan nílò | Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán | Ẹni tí wọ́n fi àwòrán nìkan ránṣẹ́ sí kò ní rí i |
| À ń fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé ohun tí ojú lè rí | Ẹ fi àwòrán hàn án | Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran kò ní rí nǹkan kan |

Dídín ìwọ̀n lẹ́tà kù kò sí nínú àwọn ọ̀nà yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ náà la ti máa mọ̀ bóyá síláìdì kún lóòótọ́ àbí ojú wa ló ń tàn wá.

Àwòrán tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún Instagram fẹ̀ tó píksẹ́lì 1080, ó sì ga tó 1350. Lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń ṣe é, ó tóbi, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣeé kà. Lórí fóònù, ojú tó fẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 360 ló máa fún ara rẹ̀ mọ́, ìyẹn ni pé ẹ lè fi 3 pín ìwọ̀n lẹ́tà yín láti mọ bí yóò ṣe rí lọ́wọ́ òǹkàwé. Lẹ́tà 48 yóò di 16, tó tó lẹ́tà tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́. Lẹ́tà 30 yóò di 10. Lẹ́tà 24 yóò di 8, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ nǹkan tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà. Ní tèmi, n kì í jẹ́ kí lẹ́tà ara ọ̀rọ̀ wálẹ̀ ju 40 lọ, 48 ló sì wù mí jù.

Tí ẹ bá lo lẹ́tà 48, tí ẹ fi àyè 100 sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìlà kan yóò gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 7. Tí ẹ bá tún yọ àyè òkè, àyè ìsàlẹ̀ àti ti àkọlé, nǹkan bí ìlà 10 ló kù. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ sí 70, síláìdì ti kún dé ẹnu. Èyí tí yóò tu ojú lára kì í sábà ju ọ̀rọ̀ 30 sí 40 lọ. Ẹ̀yin tó ń fi Yorùbá kọ, ẹ tún rántí pé lẹ́tà wa ní àmì lórí àti ẹ̀ka nísàlẹ̀. Tí ìlà bá sún mọ́ra jù, ẹ̀ka abẹ́ "ọ" yóò máa gun àmì orí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ fi àyè tó tó ìdajì gíga lẹ́tà sáàárín ìlà.

Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù ara yín, kí ẹ nawọ́ bí ẹ ṣe máa ń nawọ́, kí ẹ má sì fi ìka fẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá ní láti gbé fóònù sún mọ́ ojú kí ẹ tó lè kà á, ó kún nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àpẹẹrẹ kan, ká sì bá a dé òpin. Karosẹ́ẹ̀lì oní-síláìdì 7 ni, ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kí oníjìbìtì gba àkáǹtì WhatsApp mọ́ wọn lọ́wọ́. Síláìdì kìíní ni àkọlé. Ìkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú nípa bí jìbìtì ṣe gbòde. Ìkẹta sọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Ìkẹrin ṣàlàyé Two-step verification, ìyẹn PIN tí WhatsApp máa ń béèrè yàtọ̀ sí kóòdù. Ìkarùn-ún wà fún Linked devices, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ àkáǹtì. Ìkẹfà sọ ohun tí èèyàn máa ṣe tí àkáǹtì bá ti lọ. Ìkeje ń dúpẹ́, ó sì ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n tẹ̀ lé ojú ìwé náà. Gbogbo wọn ló kún. Lẹ́tà 30 ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn 10 lórí fóònù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan, ẹ bi síláìdì kọ̀ọ̀kan pé: kí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ tàbí kó ṣe níbí? Ẹ dáhùn ní gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Síláìdì ìkejì kò ní ìdáhùn. Gbogbo ẹni tó ń lo fóònù ló mọ̀ pé jìbìtì wà. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, àánú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe yín. Ó ní ìdí mìíràn tó fi yẹ kó lọ: Instagram máa ń gbé síláìdì ìkejì han ẹni tó ti rí àkọ́kọ́ tó sì kọjá lọ láì fà á. Ó yẹ kí ohun tó máa bá ẹni bẹ́ẹ̀ pàdé jẹ́ ohun tó lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú kò lè ṣe ìyẹn. Síláìdì ìkeje náà lọ, kí ọpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀ bọ́ sábẹ́ àwòrán tó bá pọn dandan. Àyè méjì ti ṣí sílẹ̀ báyìí, a ó sì nílò wọn.

Síláìdì ìkẹta ní ìdáhùn kan ṣoṣo: ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù yín. Kókó rẹ̀ kò pé méjì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 100. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí:

> Àwọn oníjìbìtì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgbọ́n tí wọ́n máa ń dá láti fi gba àkáǹtì lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí kò fura. Ọ̀kan lára àwọn ọgbọ́n tí wọ́n sábà máa ń lò ni pé wọn yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín bí ẹni pé ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí yín ni wọ́n, wọn yóò sì sọ pé àwọn ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kí ẹ jọ̀ọ́ bá àwọn fi ránṣẹ́ padà. Kóòdù yìí gan-an ni WhatsApp fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni àkáǹtì. Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù yìí, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa.

Irú èyí ni ó yẹ ká gé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan tí èkejì kò ní sọ. Èkejì ń ròyìn ọ̀rọ̀ tí olè náà máa kọ, bẹ́ẹ̀ ó kúrú ju ìròyìn rẹ̀ lọ tí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà gan-an síbẹ̀:

> "Jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Bá mi fi í ránṣẹ́."
>
> Kóòdù àkáǹtì yín ni. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni, kódà ọ̀rẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ 26 ni. Ó sì ṣe ohun tí ti tẹ́lẹ̀ kò ṣe, torí pé lọ́jọ́ tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wọlé, òǹkàwé yóò rántí pé òun ti rí i rí.

Ọwọ́ máa ń fẹ́ yọ "kódà ọ̀rẹ́ yín" kúrò kí ó lè túbọ̀ kúrú. Ẹ má yọ ọ́. Bí olè bá ti gba àkáǹtì ẹnì kan, inú àkáǹtì yẹn náà ló ti máa kọ̀wé sí àwọn tó wà nínú fóònù onítọ̀hún. Orúkọ ọ̀rẹ́ yín àti fọ́tò rẹ̀ ni yóò hàn. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó má fún àjèjì ní kóòdù, tí wọn kò sì mẹ́nu kan ọ̀rẹ́, kò tíì gba ìkìlọ̀ kankan. Ibi tí gígé ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí "kódà", "àyàfi" àti "kí ó tó" máa ń dà bí èyí tí èèyàn lè yọ dànù, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n gbé òótọ́ gbólóhùn náà dání. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán, ẹ gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ẹ wò ó bóyá ẹni tó ka tuntun nìkan lè ṣe ohun tí ti àtijọ́ ní kó má ṣe.

Síláìdì ìkẹrin yàtọ̀. Tí ẹ bá bi í ní ìbéèrè yẹn, ìdáhùn tó máa jáde ni: "bí wọ́n ṣe ń tan Two-step verification, àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín PIN rẹ̀ àti kóòdù tó ń wá nípasẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́." "Àti" yẹn ló fi hàn pé kókó méjì ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e yóò gé díẹ̀ lára èyí, díẹ̀ lára tọ̀hún, kò sì ní sí èyí tó máa pé nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí wọ́n pín kí wọ́n tó gé. Tí kókó kọ̀ọ̀kan bá ti dá dúró, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tó so wọ́n pọ̀ ti já kúrò fúnra rẹ̀, ohun tó kù láti gé kò sì ní pọ̀ mọ́.

Èyí àkọ́kọ́ yóò jẹ́ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Ibi tí àwòrán ti wúlò nìyí. Wọ́n ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí èèyàn ṣí WhatsApp, kó wá Settings, kó tẹ Account, kó wá Two-step verification níbẹ̀, gbólóhùn gígùn mẹ́rin. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù níbi tí Two-step verification ti hàn, ẹ gé e kó jẹ́ apá ibẹ̀ nìkan ló kù, ẹ fi àmì yí i ká. Tí ẹ bá gbé gbogbo ojú fóònù sínú síláìdì, lẹ́tà inú fọ́tò náà yóò tún kéré ju èyí tí ẹ ń sá fún. Lábẹ́ fọ́tò, ẹ kọ ọ̀nà náà ní ìlà kan:

> Settings > Account > Two-step verification
>
> Ẹ yan PIN oní-nọ́ńbà 6. Ẹ fi ímeèlì yín sí i, kí ẹ lè yí PIN padà tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé tí fọ́tò bá ti wà, ìlà ọ̀nà yẹn kò wúlò mọ́. Ó wúlò. Ìrísí áàpù máa ń yí padà, orúkọ ibi tí èèyàn máa tẹ̀ sì máa ń pẹ́ jù ú lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ tó ń ka ojú fóònù sókè fún àwọn tí kò ríran kò lè gbára lé ohun tó wà nínú àwòrán. Ẹ kọ ọ̀nà náà sínú Alt text pẹ̀lú, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yẹn máa ń kà dípò àwòrán.

Ìkejì nínú méjèèjì ni mo ka sí pàtàkì jù nínú gbogbo karosẹ́ẹ̀lì yìí, bẹ́ẹ̀ ìdajì ìlà ni wọ́n fún un tẹ́lẹ̀. Kóòdù tó ń wá nípasẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́ nọ́ńbà 6. PIN náà jẹ́ nọ́ńbà 6. Èèyàn máa ń pa wọ́n pọ̀. Ó tọ́ kó ní síláìdì tirẹ̀, kí ẹ sì fi ìlà pín in sí apá méjì lójú kan náà:

> Kóòdù: WhatsApp ló fi í ránṣẹ́ sí yín. Ó máa ń yí padà.
>
> PIN: Ẹ̀yin lẹ yàn án. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.
>
> Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀kankan.

Ewu tó wà nínú pípín ni pé gbogbo síláìdì tuntun jẹ́ ibi tí òǹkàwé ti lè kúrò. Instagram gba síláìdì 10 péré nígbà tí karosẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2017, ó sì sọ ọ́ di 20 lọ́dún 2024. Àyè ti wà báyìí, àmọ́ ìyẹn kò sọ pé kí ẹ kún un. Ẹ pín síláìdì nígbà tí apá kìíní bá lè wúlò fún ẹni tí kò dé ìkejì. Níbí, ẹni tó kúrò lẹ́yìn apá kìíní ti mọ bó ṣe máa tan nǹkan náà. Tó bá jẹ́ pé gbólóhùn kan lẹ fọ́ sí méjì, tí ìdá kan ń dúró de ìkejì, ẹ kò tíì pín nǹkan kan.

Síláìdì Linked devices kò le. Fọ́tò kan, àti "Ẹ yọ ẹ̀rọ tí ẹ kò bá mọ̀ kúrò." Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àkáǹtì kan lè so mọ́ ẹ̀rọ 4 yàtọ̀ sí fóònù. Òótọ́ ni, kò sì yí ohun tí òǹkàwé máa ṣe padà. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sábẹ́ àwòrán.

Sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ yìí ló rọ àwọn èèyàn lọ́rùn jù, òun náà ni mo sì fi ń ṣọ́ra jù. Instagram gba lẹ́tà 2,200 lábẹ́ àwòrán, nítorí náà ó máa ń ṣe èèyàn bí ẹni pé ibẹ̀ gba ohunkóhun. Àmọ́ ìlà kan tàbí méjì ló ń hàn kí èèyàn tó tẹ "more". Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ya fọ́tò síláìdì láti fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kò ní ya ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí mo máa ń bi ara mi ni pé: tí àwòrán yìí nìkan bá dé ọwọ́ ẹnì kan, ṣé yóò ṣi nǹkan ṣe nítorí ohun tí a kó sábẹ́? Tí kò bá ní ṣì í ṣe, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tí yóò bá ṣì í ṣe, ẹ jẹ́ kó wà lókè, kódà tó bá jẹ́ pé síláìdì mìíràn ló máa gbà.

Síláìdì ìkẹfà ló dán ìbéèrè yìí wò. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí èèyàn tún fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wọlé sí WhatsApp, kó sì tẹ kóòdù tuntun tó bá wá. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, olè náà ti jáde nìyẹn. Ìkejì, tí WhatsApp bá béèrè PIN tí onítọ̀hún kò mọ̀, olè náà ló ti tan Two-step verification, ó sì ní láti dúró fún ọjọ́ 7 kó tó lè wọlé láìsí PIN. Ìkẹta, kó fi tó àwọn tó mọ̀ ọ́n létí. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fẹ́ kó ọ̀rọ̀ ọjọ́ 7 sábẹ́ àwòrán nítorí pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa kàn. Tí a bá fi tábìlì òkè yẹn wò ó, ó jọ pé ó tọ̀nà.

Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n ti gba àkáǹtì lọ́wọ́ rẹ̀, tó tẹ kóòdù, tó tún wá rí i pé wọ́n ń béèrè PIN, yóò rò pé olè ṣì wà nínú àkáǹtì òun. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bá a "ṣí i", ìyẹn oníjìbìtì mìíràn. Bẹ́ẹ̀ olè àkọ́kọ́ ti jáde látìgbà tó ti tẹ kóòdù. Àìmọ gbólóhùn kan yìí lè fa àdánù kejì, nítorí náà ó gba síláìdì tirẹ̀:

> Wọ́n béèrè PIN tí ẹ kò mọ̀?
>
> Olè náà ti jáde. Ẹ dúró fún ọjọ́ 7, ẹ ó sì lè wọlé láìsí PIN. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti ṣí i.

Pé kí èèyàn fi tó àwọn tó mọ̀ ọ́n létí, ìlà kan ló gbà, ó sì lè wà pẹ̀lú àkọ́kọ́, torí wọ́n jọ jẹ́ ohun tí èèyàn máa ṣe lójú ẹsẹ̀.

Síláìdì 7 ló wà tẹ́lẹ̀, 7 náà ló wà báyìí: àkọlé, ọgbọ́n olè, bí wọ́n ṣe ń tan Two-step verification, kóòdù àti PIN, Linked devices, ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ ṣe, àti ọjọ́ 7. Gbogbo wọn gba lẹ́tà 48. Àkọlé nìkan ni mi ò tíì fọwọ́ kàn, ìgbẹ̀yìn ni mo sì máa ń fi í sí, torí ẹni tí kò tíì mọ ohun tó kù nínú iṣẹ́ kò lè sọ orúkọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ ṣèlérí "gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ààbò WhatsApp". Kò sí gbogbo ohun níbẹ̀ mọ́, kò sì sí i tẹ́lẹ̀ náà. Mo fi "Bí wọ́n ṣe ń gba àkáǹtì WhatsApp, àti bí ẹ ṣe máa gbà á padà" rọ́pò rẹ̀. Ẹ ó rí "àti" níbẹ̀. Àkọlé lè ní in, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ohun tó wà nínú síláìdì mẹ́fà yòókù.

Nígbà tí ẹ bá ń dá irú iṣẹ́ báyìí padà fún ẹni tó ṣe é, ẹ kọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn sórí síláìdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan: "Pín: kóòdù àti PIN jẹ́ kókó méjì." "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀: ẹ̀rọ 4 kò yí ohun tí wọ́n máa ṣe padà." "Gé, àmọ́ fi 'kódà ọ̀rẹ́ yín' sílẹ̀." Tí ẹ kò bá rí ìdí kọ fún síláìdì kan, tí ó sì ṣeé kà lórí fóònù, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.